Kí ọmọ tó wọ awò, ẹ jẹ́ kó rí oòrùn

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ló ń fi awò kà á. Ọjọ́ orí ló ń fa ìyẹn. Bí èèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, ohun tó wà nítòsí kì í hàn kedere mọ́, èèyàn á wá máa na ìwé jìnnà sí ojú kó tó lè rí i kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ yín ni, àwọn tó ń ka ìwé ọwọ́ wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àmọ́ tí wọn kò rí ohun tí olùkọ́ kọ sára pátákó. Ẹ óò rí i pé wọ́n ń ṣẹ́jú pọ̀ kí wọ́n tó lè dá ẹni tó ń bọ̀ lójú títì mọ̀, wọ́n á sún mọ́ tẹlifíṣàn títí imú wọn yóò fẹ́ kàn án, wọ́n á sì máa da ìwé ẹni tó jókòó tì wọ́n kọ ní kíláàsì. Olùkọ́ á ní olódo ni wọ́n. Ojú wọn ni kò gbé e. Àìrí ọ̀ọ́kán ni à ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti sú yọ. Ẹyinjú dà bíi kámẹ́rà ayàwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ń gba iwájú wọlé, ó sì yẹ kí àwòrán balẹ̀ gẹ́lẹ́ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà lẹ́yìn, èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ẹyinjú rẹ̀ náà ń gùn díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tó nǹkan bíi mílímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán ti gùn kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Àwòrán ohun tó jìnnà wá ń balẹ̀ síwájú awọ yẹn dípò orí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe bàìbàì. Gígùn ọ̀hún kì í sì í pọ̀. Mílímítà kan péré, tí kò nípọn tó owó ẹyọ, ti tó láti mú kí ọmọ nílò awò tí agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dáyọ́pítà ni àwọn oníṣègùn ojú ń pe ìwọ̀n yìí, àmọ́ ìwọ̀n ni a ó máa pè é níhìn-ín kó má baà sú yín.

Ẹyinjú tó bá ti gùn kì í súnkì mọ́. Kò sí oògùn, kò sí àgbo, kò sí awò kankan tí yóò dá a padà. Ohun tí èèyàn lè ṣe kò ju méjì lọ: kí ó má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn jù, tàbí, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó dín eré tó ń sá kù. Ọmọ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méje ló yẹ kó bà wá lẹ́rù ju ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, nítorí pé ọ̀nà tí ẹyinjú rẹ̀ yóò fi máa gùn ṣì jìn kó tó di géńdé.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kù, ṣebí awò ni wọ́n á rà fún un. Lóòótọ́, awò yóò jẹ́ kó ríran. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n awò ọ̀hún bá tó mẹ́fà sókè, ó fi hàn pé wọ́n ti na awọ ẹ̀yìn ojú yẹn bí ẹni na awọ ìlù. Awọ tí wọ́n bá nà jù lè ya, ó lè ṣí kúrò láàyè rẹ̀, àárín rẹ̀ tí a fi ń kàwé sì lè gbó nígbà tí èèyàn kò tíì darúgbó. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gulukómà, tó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbà di afọ́jú nílẹ̀ Yorùbá, máa ń tètè mú irú ojú bẹ́ẹ̀. Awò kò lè tún ìkankan nínú ìwọ̀nyí ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó dúró sí ìwọ̀n mẹ́ta àti èyí tó dé ìwọ̀n mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí gíláàsì ṣe nípọn tó. Ogójì ọdún sí i ni yóò hàn.

Ní ti ilé wa níhìn-ín, a ṣì lè dúpẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà ojú yẹ ojú ọmọ ilé-ìwé 1,144 wò ní Ìlà Oòrùn Iléṣà, tí kò jìnnà sí Ìkógòsì rárá, èyí tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ọmọ 66 péré ni wọ́n rí tí ojú wọn nílò awò, ìyẹn bí ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni kò rí ọ̀ọ́kán. Ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Ṣáínà, Kòríà àti Síńgápọ̀, ó tó ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nínú àwọn tó ń jáde ilé-ìwé girama tí kò rí ọ̀ọ́kán láìsí awò. Bàbá-bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìran méjì ni ó dé bá wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á, pé àwọn aláwọ̀ pupa yẹn ni ojú wọn máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àrùn yìí ń tẹ̀ lé ìdílé. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kan rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n mú àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje, apá kan ń gbé ní Síńgápọ̀, apá kejì ń gbé ní Sydney lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, iye àwọn òbí wọn tí kò rí ọ̀ọ́kán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní Síńgápọ̀, 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni ojú wọn ti bàjẹ́. Ní Sydney, mẹ́ta ni. Àwọn ti Sydney gan-an ló tún ń kàwé jù! Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àkókò tí wọ́n ń lò níta gbangba: àwọn ti Sydney ń lo wákàtí 13 àti díẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi wákàtí méjì lójúmọ́, àwọn ti Síńgápọ̀ ń lo wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni oògùn náà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára bá wọ ojú, awọ ẹ̀yìn ojú máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní dópámáìnì, èròjà yìí ló sì ń sọ fún ẹyinjú pé kó rọra máa gùn. Ìmọ́lẹ̀ inú ilé kò lágbára tó láti ṣe é. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ díwọ̀n rẹ̀, kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ dára kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní lúkìsì. Abẹ́ igi lọ́sàn-án máa ń tó ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Gbangba òde ń lọ sí ẹgbẹẹgbàárùn-ún, nígbà mìíràn ó tó 100,000. Ojú wa kì í jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ yìí torí pé ó máa ń tètè bá òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ mu, ni a ṣe máa ń rò pé yàrá tí iná wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òde.

Ní ìlú Guangzhou nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n dán an wò láwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjìlá. Wọ́n ní kí àwọn ilé-ìwé mẹ́fà máa kó àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ jáde síta fún ogójì ìṣẹ́jú sí i lójoojúmọ́, kí àwọn mẹ́fà yòókù máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń jókòó sílé, bí ogójì ni kò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jáde, ọgbọ̀n ni. Ogójì ìṣẹ́jú péré ló gba bí ọmọ mẹ́wàá là nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba Táíwàn ní tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti 2010 pé kí àwọn ọmọ máa lo 120 ìṣẹ́jú níta lójúmọ́. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe níbẹ̀, tó jáde ní 2018, wọ́n rí i pé kò pọn dandan kí ọmọ dúró sínú oòrùn gangan. Abẹ́ igi náà ń ṣe é. Kí ọmọ má sì tẹjú mọ́ oòrùn o. Ìyẹn ń jó awọ ẹ̀yìn ojú ni.

Bí èèyàn bá gbọ́ èyí, tó wá wo Ìkógòsì pẹ̀lú àwọn igi tó ṣíji bo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, yóò ní ìṣòro wo ló tún kù? Ó wà. Ẹ bá mi ka wákàtí ọmọ méjì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ń gbé ní abúlé kan lápá Èrìò. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé fún ogún ìṣẹ́jú, ó ń ṣeré nígbà ìsinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó fi ogún ìṣẹ́jú rìn padà, lẹ́yìn náà ló ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí gààrí tó ń sá sóòrùn, tàbí kó gbá bọ́ọ̀lù, fún wákàtí kan. Ó ti lé ní wákàtí méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé oògùn ni ó ń lò. Èkejì ń lọ sílé-ìwé aládàáni nígboro. Ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ló ń gbé e lọ. Nígbà ìsinmi, wọ́n ní kó jókòó sí kíláàsì kó jẹun, kí aṣọ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Bí ilé-ìwé bá parí ní aago méjì, ẹ̀kọ́ àfikún tí à ń pè ní lẹ́sìnì yóò bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó délé, wọ́n fún un ní fóònù kó má baà jáde lọ bá àwọn ọmọ asùnta. Bí ẹ bá ka tirẹ̀, bóyá ló fi tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ Síńgápọ̀ sàn jù ú lọ.

Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí lójú púpọ̀ nínú yín, mo sì mọ ohun tí ìwé jẹ́ fún Èkìtì. Ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè wá, àwọn òbí wa ta oko, wọ́n ta aṣọ, kí wọ́n lè rán wa nílé-ìwé, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. N kò sọ pé kí ọmọ má kàwé. Ohun tí mo ń bá fà á ni wákàtí lẹ́sìnì tí a ń kó sí àárín ọ̀sán fún ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, ìyẹn gan-an sì ni ọjọ́ orí tí ẹyinjú ń pinnu ibi tí yóò gùn dé. Bí lẹ́sìnì bá pọn dandan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé girama, kí ẹ sì fi àwọn kékeré sílẹ̀. Bí kíláàsì kò bá sì lè ṣàì wáyé, ẹ gbé bẹ́ǹṣì lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ púpọ̀ nínú yín ní á-bí-dí. Àwọn olórí ilé-ìwé tó ń fi àìjáde níta jẹ ọmọ níyà lákòókò ìsinmi náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá máa bá ọmọ wí, ẹ fún un ní ìyà mìíràn. Eré tí ọmọ bá sì ṣe lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ kì í ṣe ara wákàtí méjì yìí, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ṣùgbọ́n agbára oòrùn ní ibi tó mọ. Ó dára púpọ̀ láti má jẹ́ kí àìrí ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀, tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Ojú tó bá ti ń sá eré lọ, oòrùn nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ọ̀nà. Wọ́n á lé ọmọ tó ti dé ìwọ̀n méjì síta, wọ́n á máa retí kí ojú rẹ̀ padà, ọdún á máa gorí ọdún. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sí ìdí omi. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbàgbọ́ pé omi Ìkógòsì ń wo àìsàn pọ̀, n kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, omi tí a fi bọ́jú kò lè dé ẹ̀yìn ẹyinjú, bó gbóná bó tutù, omi tí a kò sè tí a bù sójú sì lè kó àrùn wọ̀ ọ́.

Ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kọ́kọ́ ni kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà nílé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì àti ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, àwọn ará Ẹ̀fọ̀n tí Iléṣà yá fún sì lè lọ sí Wesley Guild. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ojú ọmọdé wò, wọ́n sábà máa ń kán oògùn kan sí i lójú kọ́kọ́, wọ́n á dúró díẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Ẹran inú ojú ọmọdé máa ń fún pọ̀ nígbà tó bá ń tiraka láti ríran, bí wọn kò bá mú un dẹ̀, ẹ̀rọ lè sọ pé ọmọ kò rí ọ̀ọ́kán nígbà tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fún ọmọ ọdún méje ní awò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọjà, iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ ló ṣe.

Ẹ kíyè sí awò tó wà lójú ọmọ náà. Ẹ mú un jìnnà sí ojú díẹ̀, kí ẹ fi wo lẹ́tà inú ìwé. Bí lẹ́tà bá kéré sí i, awò àìrí ọ̀ọ́kán ni. Bó bá tóbi sí i, irú awò àgbàlagbà tí ẹ̀yin fi ń kàwé ni, kò sì lè ran ọmọ tí kò rí pátákó lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta awò àgbà fún ọmọdé láwọn ọjà wa.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó ti ṣe jàǹbá púpọ̀, pé awò ń sọ ojú di ọ̀lẹ, pé bí ọmọ bá wọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ yóò túbọ̀ bàjẹ́. Nítorí èyí, àwọn òbí kan máa ń bẹ oníṣègùn pé kó fún ọmọ ní awò tí agbára rẹ̀ kò tó, kí ojú lè máa ṣiṣẹ́ díẹ̀. Wọ́n dán ìyẹn wò ní Màléṣíà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2002. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní awò tí kò tó ni ojú wọn tún yára bàjẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó pé lọ. Ohun tó ń mú kí ìwọ̀n máa lọ sókè lọ́dọọdún ni ẹyinjú tó ń gùn, yálà ọmọ wọ awò tàbí kò wọ̀ ọ́.

Kí wá ni a lè fi dín eré ẹyinjú kù? Àkọ́kọ́ ni oògùn kan tí à ń kán sójú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ atiropíìnì. Oògùn àtijọ́ ni. Egbòogi kan ní Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àwọn egbòogi tó bá a tan sì wà lágbàlá wa, gegemu tí àwọn kan ń pè ní apíkán jẹ́ ọ̀kan. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn dókítà ti ń lo èyí tó le, tí wọ́n kọ 1% sí lára, láti fi mú ojú dẹ̀. Ó ń dá ìgùn ẹyinjú dúró lóòótọ́, àmọ́ ọmọlójú yóò fẹ̀ rẹpẹtẹ, oòrùn yóò máa ta ọmọ lójú, kò sì ní lè kàwé. Nígbà tí àwọn dókítà Síńgápọ̀ dá a dúró lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n rí i ní 2014 pé bí oògùn bá ṣe le tó ni ojú ṣe ń fi ìbínú sáré padà tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lómi púpọ̀.

Báwo ni ó ṣe yẹ kó fẹ́lẹ́ tó? Ní Hong Kong, wọ́n pín ọmọ 438 sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń kán omi lásán láìmọ̀, àwọn yòókù ń kán atiropíìnì mẹ́ta tí agbára wọn yàtọ̀ síra, ẹ̀kán kan sójú kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kéde ní 2019, ojú àwọn olómi lásán fi ìwọ̀n 0.81 bàjẹ́ sí i. Ti àwọn tó ń lo 0.01% jẹ́ 0.59. Ti àwọn tó ń lo 0.05% jẹ́ 0.27. Ẹ wò ó báyìí: bí ọmọ ọdún mẹ́jọ kan bá ti wà ní ìwọ̀n kan àbọ̀, tí ó sì ń bá eré àkọ́kọ́ yẹn lọ fún ọdún mẹ́rin, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìwọ̀n márùn-ún. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn, yóò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n méjì àbọ̀. Ìṣirò lásán ni èyí o, torí pé eré ẹyinjú kì í dọ́gba lọ́dọọdún, ọmọ Hong Kong sì ni wọ́n fi díwọ̀n, kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, ìyẹn 0.01%, kò tilẹ̀ ṣe ju omi lásán lọ nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àbájáde tó jáde ní 2023. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ oògùn yìí fún ọmọ yín, ẹ béèrè iye tó wà lára rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ó kéré tán, wọ́n á máa yẹ ojú wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọn kì í sì í já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Ìgò 1% ni ènìyàn sábà máa ń bá pàdé nílé ìtajà oògùn. Ogún ìlọ́po 0.05% ni. Bí ìyá kan bá gbọ́ lórí rédíò pé atiropíìnì ń tọ́jú ojú, tó lọ rà á, tó ń kán an fún ọmọ lálaalẹ́, tàbí tó fọ̀ ọ́ lómi inú ike nínú ilé ìdáná, ó ti kó ọmọ sí wàhálà. Oníṣègùn apòògùn ni ó ń fọ̀ ọ́, nínú ohun èlò tí kò ní kòkòrò. Ẹni tó bá wá rò pé kí òun já ewé gegemu, kí òun fún un sójú, ó ń fi májèlé ṣeré, kò sí ẹni tó lè mọ iye tó wà nínú ewé kan. Bí ẹ bá rí i pé ọmọlójú ọmọ fẹ̀ gan-an, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tó sì ń sọ ìsọkúsọ, oògùn náà ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání. Ẹ pa ìgò rẹ̀ mọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé gbígbé e mì léwu ju kíkán an lọ.

Ọ̀nà kejì ni awò àkànṣe. Bí ẹ bá wò ó, ẹ óò ní awò lásán ni. Àárín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí awò àìrí ọ̀ọ́kán yòókù, kí ọmọ lè ríran. Àmọ́ yíká àárín yẹn, wọ́n to àwọn awò wínníwínní bí irínwó sí i bí afárá oyin. Àwọn wọ̀nyí ń mú kí apá kan ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ síwájú awọ ẹ̀yìn ojú, èyí tó ń sọ fún ẹyinjú pé kò sídìí láti gùn sí i. Yunifásítì kan ní Hong Kong àti ilé-iṣẹ́ awò kan ló jọ ṣe èyí tó lókìkí jù. Láàárín ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020, ojú àwọn tó wọ̀ ọ́ bàjẹ́ ní ìwọ̀n 0.41, ti àwọn tó wọ awò lásán jẹ́ 0.85. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Tó bá jẹ́ pé inú báàgì ló ń wà, owó ṣòfò. Irú rẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, àmọ́ n kò lè gba ọmọ abúlé nímọ̀ràn rẹ̀. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà, omi kànga tàbí omi odò kò gbọ́dọ̀ kàn án, bí kòkòrò bá sì wọ abẹ́ rẹ̀, ó lè fọ́ ojú tí a fẹ́ tọ́jú.

Awò àkànṣe yìí wọ́n ju awò lásán lọ dáadáa, ìwọ̀n ọmọ sì lè yí padà lọ́dún kan, kí wọ́n tún ra òmíràn. Ìdí rèé tí mo fi rò pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò rí ọ̀ọ́kán ni ó yẹ kí á kó owó náà lé lórí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wà ní ìwọ̀n kan, tí kò sì tíì yí padà láti ọdún tó kọjá, awò lásán tó pé ti tó o. Ọmọ ọdún méje tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń wọ awò, tí ìwọ̀n tirẹ̀ kúrò ní kan bọ́ sí méjì láàárín ọdún kan, òun ni kí ẹ lọ bá dókítà jíròrò oògùn tàbí awò àkànṣe fún. Kí á tó lè mọ ìyẹn, a gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tọdún tó kọjá. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n awò sí bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì mú un dání nígbà tí ẹ bá ń padà lọ.

Ní ti àwọn tí ojú wọn ṣì dá ṣáká, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń bọ̀, àwọn ilé-ìwé kan yóò sì ti máa pín ìwé lẹ́sìnì ìsinmi kiri. Bí wọ́n bá mú tiyín wá sílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tí wọ́n fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tí wọ́n fẹ́ máa parí, kí ẹ tó san owó.